Ọ̀rọ̀ Tí Sikirath Kọ Tì Fọ́tò Ìyàwó

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù Sikirath ní Tchaourou, nílẹ̀ Benin, láti kọ ìròyìn nípa iṣẹ́ fọ́tò rẹ̀, ó ti kọ gbólóhùn kan, ó ti pa á rẹ́, ó tún ti kọ ọ́. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé bí wọ́n bá wá ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bilkis dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó na ọrùn, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà kí ẹni tó ń kọ ọ́ tó kọ ọ́ tán. Bilkis ló máa ń kun ojú fún ìyàwó. Àwọn méjèèjì ló jọ máa ń lọ sí ìgbéyàwó, nítorí ẹni tó ń kun ojú ń fẹ́ kí fọ́tò jẹ́rìí iṣẹ́ òun, onífọ́tò náà sì ń fẹ́ ojú tí wọ́n kùn dáadáa.

"Má kọ 'ẹ káàbọ̀'," ni Bilkis wí. "Ta ló wá kí ọ níbẹ̀?"

"Gbogbo onífọ́tò ló ń kọ ọ́."

"Ìdí rèé tí ẹnikẹ́ni kì í fi kà á."

Wọ́n ti sọ fún mi pé Sikirath nìkan ni obìnrin tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó láti Tchatchou títí dé Alafiarou. Mi ò rí ẹni tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo béèrè kiri, mi ò sì rí obìnrin kejì.

Lágbègbè yìí, oko ló ń sọ ìgbà tí ènìyàn yóò gbé ìyàwó. Bí wọ́n bá ti wa iṣu, tí wọ́n sì ti tà á, àwọn ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọjọ́. Ìgbéyàwó á máa lọ títí di inú ọyẹ́, yóò dúró bí ààwẹ̀ bá dé, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún ìtúnu. Àwọn ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin ló ń yan onífọ́tò, wọn kì í sì í pẹ́ yan. Nítorí náà, bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, onífọ́tò kọ̀ọ̀kan á gbé iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù sórí Facebook, á kọ ọ̀rọ̀ tì í: ibi tó lè dé, pé ọjọ́ ṣì ṣófo, nọ́ńbà WhatsApp rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Òun ló sì ń sọ bóyá ọwọ́ ènìyàn yóò dí tàbí yóò máa lé eṣinṣin nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọdún tó kọjá, eṣinṣin ni Sikirath lé. Bàbá rẹ̀, tonton Oumarou (tonton ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó bá dàgbà níbí, tata ni ti obìnrin), àgbẹ̀ kajú tó ra kámẹ́rà fún un, ti bá a sọ ọ́ lójúkojú pé àsìkò kan ló kù. Bí àsìkò tó ń bọ̀ yìí bá tún ṣófo, yóò lọ bá Samir ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Parakou. Samir ń ṣe fọ́tòkópì níbẹ̀, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa ya fọ́tò pélébé láti àárọ̀ dé alẹ́.

"Mi ò kórìíra Samir," Sikirath sọ fún mi. "Ojú ènìyàn níwájú aṣọ funfun ni mi ò fẹ́ máa wò títí ayé. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Òfin ò gbà á."

Ó fi fọ́tò tó fẹ́ gbé jáde hàn mí. Ìgbéyàwó Faïzath ni, ní Alafiarou. Ìyàwó jókòó sórí ẹní, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ìborí funfun ṣì wà lọ́wọ́ ìyá náà. Faïzath yíjú sẹ́yìn láti sọ nǹkan kan fún un. Ẹ̀rín ti dé ẹnu rẹ̀, omijé kò sì tíì kúrò lójú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sórí ọwọ́ ìyá náà, ọwọ́ tí oko ti là. Mo ti rí fọ́tò ìgbéyàwó tó pọ̀, wọ́n sì máa ń jọ ara wọn bí ẹyin. Èyí ò jọ ọ̀kankan.

"Idrissou ní ẹ̀rọ tó ń fò," ni Bilkis wí. Idrissou ni onífọ́tò tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ní Tchaourou. "Ó máa ń ya bàṣì tí wọ́n ta fún àlejò láti ojú ọ̀run. Ìyàwó á wá dà bí èèrà tó ru ìrẹsì."

"Ìyàwó yìí gbà kẹ́ ẹ gbé e jáde?" mo bi Sikirath.

Dípò kó dáhùn, ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn Faïzath sì jáde: "Tata Sikirath, ẹ gbé e jàre. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo rẹwà lọ́jọ́ yẹn."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà ní Cotonou, ó ń wa ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti fi fọ́tò ìgbéyàwó sí statut WhatsApp rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Mo kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Mi ò béèrè irú fọ́tò tí ọkọ náà fi síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí n béèrè.

Ìlà àkọ́kọ́ ló gba àkókò jù. Facebook kì í fi gbogbo ọ̀rọ̀ han ènìyàn. Ó máa ń gé e lẹ́yìn ìlà díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù ni yóò tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ kì í sì í tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá tó ń yan onífọ́tò kì í tilẹ̀ kà á fúnra wọn. Ọmọ ló ń kà á sí wọn létí. Ìdí nìyẹn tí Sikirath fi kọ ti Nàgó, Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbí, ṣáájú, tó fi Faransé sísàlẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó ka ohun tó kọ fún wa:

"Ibi tí onífọ́tò ọkùnrin ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Yàrá ìyàwó, ọwọ́ ìyá, omijé tí àwọn tó wà lábẹ́ bàṣì ò rí, èmi ni mo ń yà á. Fún àsìkò ìgbéyàwó tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ ṣì wà. Mo ń dé Tchatchou, Alafiarou, Bétérou, Parakou, títí dé Savè. Ẹ kọ sí mi lórí WhatsApp kí ọjọ́ yín tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Bilkis tún na ọrùn wo fóònù náà. "Ta ló kun ojú?"

"Mo ti so orúkọ rẹ mọ́ ọn."

"Mi ò rí i."

"Ó wà nísàlẹ̀, Bilkis."

"Gbé e sókè."

Ó gbé e sókè, ó sì tẹ bọ́tìnì.

Kí oòrùn tó wọ̀, fọ́tò náà ti rìn jìnnà. Àwọn tó mọ Faïzath pín in, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n náà pín in. Idrissou gbé e sí ojú ewé tirẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò òun nínú iṣẹ́ ti ga ju òun lọ. Obìnrin kan pè láti Parakou, òmíràn kọ̀wé láti Savè, ìdílé kan ní Tchatchou àti òmíràn ní Bétérou sì dá ọjọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sikirath kò sọ pé inú òun dùn. Ó kàn ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí a ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, alùpùpù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Tata Maïmounatou ló sọ̀ kalẹ̀, ìyá ọkọ Faïzath, eruku Alafiarou ṣì wà lára ìborí rẹ̀. Latifou àkọ́bí rẹ̀ ló wa alùpùpù náà. Latifou dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

Ìyá náà kí wa dáadáa. Ó béèrè tonton Oumarou, ó béèrè kajú, ó béèrè bóyá òjò ọjọ́ yẹn dé Tchaourou. Sikirath kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un. Ó mu ún.

"Sikirath, ọmọ mi kékeré ka ohun tó o kọ fún mi," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, tata."

"Ó dùn létí. Mo ní kó tún un kà. Ibi tí ọkùnrin ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́."

"Lẹ́yìn náà ló wá fi fọ́tò hàn mí." Ó gbé ife kalẹ̀. "Gbogbo ọkùnrin tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ti wọlé báyìí. Ìwọ lo ṣí ilẹ̀kùn fún wọn."

Mo wo fọ́tò náà lórí fóònù mi, ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Irun Faïzath wà níta, irun dídì tuntun tó balẹ̀ dé èjìká. Sikirath náà ń wo tirẹ̀, mo sì mọ ìgbà tó rí i, nítorí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìborí òun fúnra rẹ̀. Nínú yàrá ìyàwó, kò sẹ́ni tó ń borí. Obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀, ooru sì ń mú. Sikirath pàápàá ti tú ìborí tirẹ̀ lọ́jọ́ náà kó lè rí ọ̀nà ya fọ́tò. Láti ìgbà yẹn tó ti ń wo fọ́tò ọ̀hún, ọwọ́ ìyá ló ń rí, ìmọ́lẹ̀ ló ń rí. Orí tó ṣí kì í ṣe ohun tí ojú ń tọ́ka sí nínú yàrá yẹn.

"Faïzath gbà, tata. Òun ló ní kí n gbé e."

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi, kò parọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti so yìgì, ọ̀rọ̀ irun rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. O ò bi ọkọ. O ò bi mí. Ìyá tó bí i, tí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé, o ò bi òun náà."

Mo fẹ́ bi í pé ta ló ni irun orí ènìyàn. Mo wo ojú Sikirath, mo pa ìwé tí mo fi ń kọ ìròyìn dé.

Sikirath yọ fọ́tò náà kúrò níṣojú wa. Ó fi fóònù han ìyá náà pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ó ti tán?"

Kó tó dáhùn, Latifou na ọwọ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Fóònù tirẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò náà ló wà lójú rẹ̀, lórí statut ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. "Èyí ńkọ́?" ni ó wí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Bó ṣe rí gan-an rèé: bí ẹni tó gbé fọ́tò síta bá yọ ọ́, ti àwọn tó tẹ bọ́tìnì pín in á parẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fà á sínú fóònù tirẹ̀, ìyẹn ti di tirẹ̀. Sikirath pe gbogbo ẹni tó mọ̀. Idrissou ti yọ tirẹ̀ kí Sikirath tó sọ̀rọ̀ tán, ó sì bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Àwọn kan ní àwọn á yọ ọ́. Àwọn kan ní kí ló burú níbẹ̀. Ojú ewé kan ní Parakou tó ń kó fọ́tò ìyàwó jọ kò tilẹ̀ dáhùn. Ó kọ̀wé sí wọn, ó tún kọ, wọ́n rí i, wọ́n dákẹ́.

Bilkis mú ọgbọ́n wá. Nǹkan kan wà nínú fóònù rẹ̀ tó ń fi ìborí bo orí ènìyàn nínú fọ́tò. Wọ́n dán an wò. Ìborí náà léfòó, ó gé ìka ìyá náà dànù.

"Ó jọ pé wọ́n fi àpò ìrẹsì dé ọmọ náà," Bilkis fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Wọ́n gé orí kúrò, wọ́n fi ọwọ́ nìkan sílẹ̀. Sikirath wò ó títí. "Ó lè jẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni," ni ó wí. "Ó lè jẹ́ ìpolówó ọṣẹ."

Ìdílé Tchatchou ló kọ́kọ́ pè. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Tata Sikirath, ẹ má bínú. Màmá ní Idrissou làwọn fẹ́."

"Idrissou ò lè wọ yàrá."

"Ìdí rèé tí wọ́n fi fẹ́ ẹ."

Ti Bétérou kò pè rárá. Wọ́n kàn dá ọjọ́ lọ́dọ̀ Idrissou, òun ló sì tẹ Sikirath láago láti sọ fún un, kó má bàa gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Mi ò lè rí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ mo wá a. Ìyàwó gbà. Onífọ́tò béèrè. Ìyá ọkọ kò pariwo. Iṣẹ́ ṣáà ń lọ.

Faïzath pè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní ibi ìfọṣọ lòun wà.

"Ṣé wọ́n bá ọ jà?" Sikirath bi í.

"Rárá o. Àwọn ọmọ ilé ń pè mí ní Ìyàwó Fọ́tò. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín." Omi ń dún. "Tata, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà."

"Ẹ má pa á rẹ́."

Ní ilẹ̀ yìí, ọmọ kì í dá lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ àgbà. Tonton Oumarou kó iṣu tuntun sẹ́yìn alùpùpù, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Alafiarou. Mo tẹ̀ lé wọn. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́, nípa oko, nípa àwọn tó ti kú tí ìdílé méjèèjì mọ̀, kó tó wá kan ọmọ rẹ̀. Sikirath kúnlẹ̀ jálẹ̀. Faïzath gbé omi wá, ó borí dáadáa, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ó ti tán lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn," ni Tata Maïmounatou wí. "Dìde. Ọmọ mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ kí ààwẹ̀ tó dé. Ìwọ ni màá pè."

Ojú tonton Oumarou túká. Ó ti ń dúpẹ́ kí obìnrin náà tó fi ọwọ́ dá a dúró.

"Ṣùgbọ́n káàdì inú kámẹ́rà kò ní jáde nílé mi."

"Tata, mo gbọ́dọ̀ yan èyí tó dára," ni Sikirath wí. "Mo gbọ́dọ̀ tún ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe."

"Gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá. Pálọ̀ wà."

"Ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, Parakou ni."

"Mo mọ Parakou. Màá mú káàdì dání, màá jókòó ti ọkùnrin náà títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ tán."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé. Obìnrin náà kò ṣe àwàdà.

"Kí n mú ẹ̀dà kan péré, tata. Ọ̀kan."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ìdáhùn wà, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n. Kò ṣeé sọ nínú pálọ̀ yẹn.

"Èyí tó o yà ti Faïzath ńkọ́?" ìyá náà bi í. "Ó ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Faïzath dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, àwo ife lọ́wọ́. Sikirath lè parọ́. Mo rò pé yóò parọ́. Ó wo bàbá rẹ̀ tó kó iṣu wá, ó ṣí àpò kámẹ́rà, ó mú káàdì kékeré kan jáde, ó gbé e lé ọwọ́ ìyá náà. Ó ní èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, òun á pa á rẹ́ bí òun bá délé. Tata Maïmounatou so káàdì náà mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó ta á ní kókó. Faïzath kó ife lọ. Inú ilé kan náà ni fọ́tò rẹ̀ yóò wà, nínú àpótí ìyá ọkọ rẹ̀, lábẹ́ aṣọ.

Mo bi Sikirath lójú ọ̀nà bóyá yóò pa ti kọ̀ǹpútà rẹ́ lóòótọ́. "Mo ti sọ pé màá pa á rẹ́," ni ó fi dá mi lóhùn. Nígbà tí mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ti pa á rẹ́. Mo gbà á gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n gba ènìyàn gbọ́.

Ìròyìn tàn pé onífọ́tò yìí ń fi káàdì sílẹ̀. Bilkis ló ní kó kọ ọ́ síta. Sikirath ya ilẹ̀kùn tó tì, pẹ̀lú bàtà àwọn obìnrin tí wọ́n bọ́ síwájú rẹ̀, ó gbé e sórí Facebook, ó sì kọ ọ́ tì í: "Ohun tí mo bá rí nínú yàrá ìyàwó, ẹ̀yin nìkan lẹ ó rí i. Káàdì ń dúró lọ́wọ́ ìyá ìyàwó. Ọjọ́ ṣì wà kí ààwẹ̀ tó dé." Ènìyàn díẹ̀ ló fi àmì sí i pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pín in. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ti Tchatchou padà wá. Ti Bétérou ní kí Idrissou wà lábẹ́ bàṣì, kí Sikirath wà nínú yàrá.

"Ṣé o rí i?" tonton Oumarou ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà. "Iṣẹ́ dé."

Iṣẹ́ dé lóòótọ́. Obìnrin Parakou tó ti pè níjọ́sí náà tún pè, ó ní àbúrò òun ń ṣègbéyàwó, kí Sikirath fi díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn lè wò ó. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń wá inú fóònù rẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn àti bàtà ránṣẹ́.

"Ìyàwó dà?" ni ìdáhùn tó wọlé. Ó kà á, ó dojú fóònù bolẹ̀.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, kí lẹ máa gbé jáde?" mo bi í.

"Bàtà mìíràn."

Ọkùnrin kan yọjú, ó fẹ́ fọ́tò pélébé fún ìwé. Sikirath fi àpótí hàn án, ó tẹ́ aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀. Inú ọkùnrin náà dùn, bóyá iṣẹ́ ló fẹ́ lọ gbà. Sikirath gbé kámẹ́rà sójú, ó sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Tonton, ẹ má rẹ́rìn-ín," ni ó wí.